Bí ẹnjiníà tó ní ìwé àṣẹ ṣe lè kọ ìwọ̀n iṣẹ́, ààbò àti ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ sí abala ìrírí

Ọmọ_Afárá

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń kọ́ afárá ń wá ẹnjiníà àgbà, mo sì ń tún ìwé ìtàn iṣẹ́ mi kọ nítorí rẹ̀. Abala ìrírí ló ń dà mí láàmú. Iṣẹ́ tó tóbi jù tí mo ti ṣe ni ti títì kan tó gùn tó kìlómítà 14, tó ní afárá kan lórí odò. Èmi ni mo bójú tó ìpìlẹ̀ àti òpó afárá náà láti oṣù keje 2018 títí di oṣù kejì 2020. Oṣù karùn-ún 2019 ni ìwé àṣẹ mi jáde, iṣẹ́ ti dé àárín nígbà yẹn. Ohun tí mo kọ nìyí:

"Mo darí iṣẹ́ títì àti afárá ńlá kan láìsí ìjàǹbá tó le. Ẹnjiníà tó forúkọ sílẹ̀."

Ọ̀rẹ́ mi kan kà á, ó ní òun ò rí nǹkan kan dì mú nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni ẹ̀yin ṣe máa ń kọ tiyín?

Tàkúntàkún

Iye owó iṣẹ́ náà ni kí o kọ́kọ́ kọ. Kò sí ẹni tí owó kì í yé. Tí wọ́n bá ti rí iye tí wọ́n gba kọ́ńtírákì yẹn, wọ́n á mọ̀ pé ọwọ́ rẹ ti tó iṣẹ́ ńlá. Ní ti ààbò, kọ ọ́ pé òdo ni ìjàǹbá, kí o má fi "tó le" kún un, torí ọ̀rọ̀ yẹn ń mú kí èèyàn fura. Nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ, fi sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ lókè pátápátá, kí wọ́n má baà máa wá a kiri.

Baba_Ìpìlẹ̀

Àbúrò mi Ọmọ_Afárá, mo ti wà lára àwọn tó ń ka irú ìwé yìí láti yan ẹni tí a máa gbà. Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń wá ni pé, nínú gbogbo iṣẹ́ tí ẹni yìí dárúkọ, èwo ló wà lọ́wọ́ rẹ̀? "Mo darí iṣẹ́ títì àti afárá" kò dáhùn ìbéèrè yẹn. Ọ̀gá àgbà tó ni gbogbo kìlómítà 14 lè kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń bójú tó gọ́tà kan ṣoṣo létí títì náà lè kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fara mọ́ ọ̀rọ̀ owó tí Tàkúntàkún sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó tọ̀nà lórí nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀. Gbogbo kọ́ńtírákì ni owó ń tọ́ka sí, kò mọ apá tìrẹ. Owó tún máa ń yí padà láti ọdún dé ọdún àti láti orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè, nígbà tó jẹ́ pé mítà kan kò ní yí padà láéláé. Mo mọ̀ pé àwọn ilé-iṣẹ́ kan wà tó máa ń béèrè iye owó, pàápàá fún ipò tó jẹ mọ́ ìṣàkóso ìnáwó. Fún irú ipò bẹ́ẹ̀, kọ ọ́, ṣùgbọ́n kọ owó apá tìrẹ sọ́tọ̀ kúrò lára ti gbogbo iṣẹ́.

Nísinsìnyí, dá mi lóhùn. Páìlì mélòó lo bójú tó? Báwo ni wọ́n ṣe jìn tó? Orí ilẹ̀ ni àbí inú omi? Òṣìṣẹ́ mélòó ló wà lábẹ́ rẹ, ta sì ni ìwọ ń jábọ̀ fún?

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìwé-Àṣẹ

Ẹ̀gbọ́n mi Ọmọ_Afárá, ẹ má jẹ́ kó kúrú o. Èmi náà ń kọ tèmi lọ́wọ́. Wọ́n ní kí a ṣàlàyé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ìṣòro tí a bá pàdé, ìṣirò tí a ṣe, ìpinnu tí a dá ṣe fúnra wa, kí ẹnjiníà tó ń tọ́ wa sọ́nà sì buwọ́ lù ú lójú ewé kọ̀ọ̀kan. Ojú ewé púpọ̀ ni tèmi ti gbà báyìí.

Baba_Ìpìlẹ̀

Akẹ́kọ̀ọ́, ìròyìn ìrírí tí o fẹ́ fún ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ ẹnjiníà sílẹ̀ lò ń sọ. Ọmọ_Afárá ti kọjá ibẹ̀, ìwé tó fi ń wá iṣẹ́ ló ń kọ. Àwọn tó máa ka tìrẹ ní àkókò láti yẹ ẹ̀rí rẹ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn tó máa ka tirẹ̀ ní òkìtì ìwé níwájú. Ṣùgbọ́n ohun kan so ìwé méjèèjì pọ̀, mo sì dúpẹ́ pé o mú un wá. Àwọn nọ́ńbà inú wọn gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu. Tí o bá sọ fún ìgbìmọ̀ pé páìlì 40 lo bójú tó, tí o wá kọ 70 síbí, ọgbà kan náà ni àwa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí wà, a máa ń mọ̀. Tọ́jú ẹ̀dà ìròyìn tí o ń kọ yẹn, inú rẹ̀ ni wàá ti máa fa nọ́ńbà yọ lọ́jọ́ iwájú.

Ọmọ_Afárá

Ẹ ṣé gan-an, Baba. Mo ti lọ wo ìwé iṣẹ́ mi. Afárá náà gùn tó mítà 330, àlàfo rẹ̀ jẹ́ 11, òpó 10 ló gbé e dúró yàtọ̀ sí ìdí rẹ̀ méjèèjì létí odò. Páìlì 76 ni gbogbo rẹ̀, kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó mítà kan, ó sì wọlẹ̀ tó mítà 22. Mẹ́rìnlélógún nínú wọn wà nínú omi. Kọnkéré tó wọ inú páìlì nìkan lé díẹ̀ ní 1,300 kúbíìkì mítà. Òṣìṣẹ́ bíi 60 ló wà ní apá tèmi fún oṣù 20 yẹn, ọ̀gá ẹnjiníà sáìtì ni mo sì ń jábọ̀ fún. Títì kìlómítà 14 yẹn, ẹlòmíràn ló ni ín, mi ò fọwọ́ kàn án.

Ní ti ààbò, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ kan fi ọwọ́ sí àárín páìpù irin méjì nígbà tí kéréènì ń sọ ọ̀kan kalẹ̀ sínú ihò. Ìka rẹ̀ fọ́, kò wá síṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ara rẹ̀ yá, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Òun nìkan ló ṣèṣe débi tó fi ní láti jókòó sílé. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ "ìjàǹbá tó le", torí mi ò lè kọ òdo.

Ìyá_Ààbò

O ṣeun tí o kò kọ òdo, ọmọ mi. Ọ́fíìsì ààbò ni iṣẹ́ tèmi, ẹ jẹ́ kí n sọ bí àwa ṣe ń ka gbólóhùn yìí.

"Ìjàǹbá tó le" kò ní òṣùwọ̀n. Ẹnì kan lè ka ìka tó fọ́ sí ohun tó le, ẹlòmíràn lè sọ pé àfi tí èèyàn bá kú. Nínú iṣẹ́ wa, ohun tí a ń kà ni ìfarapa tó mú kí òṣìṣẹ́ pa iṣẹ́ jẹ. Tìrẹ jẹ́ ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni a ó wá béèrè pé nínú wákàtí iṣẹ́ mélòó? Òṣìṣẹ́ 60, wákàtí 10 lóòjọ́, ọjọ́ 26 lóṣù, fún oṣù 20, ìyẹn jẹ́ 312,000. Ká pè é ní 310,000, àmọ́ ìwé owó iṣẹ́ wọn ni kí o ti mú nọ́ńbà gidi, má fi ìṣirò orí tèmi yìí ṣe é. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ṣírò rẹ̀ káàkiri ayé:

```
1 × 1,000,000 ÷ 310,000 = 3.23
1 × 200,000 ÷ 310,000 = 0.65
```

Ti Amẹ́ríkà ni 200,000 yẹn. Wákàtí tí òṣìṣẹ́ 100 ń ṣe lọ́dún kan ni, tí kálukú bá ń ṣe wákàtí 40 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 50. Ọ̀pọ̀ ibòmíràn ń lo mílíọ̀nù kan. Sáìtì kan náà ni, ìka kan náà ni, síbẹ̀ ẹni tó bá rí 0.65 á rò pé ó dára ju ẹni tó kọ 3.23 lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá kọ nọ́ńbà yìí láìsọ iye wákàtí tó fi ṣírò rẹ̀ kò tíì sọ nǹkan kan. Èmi fẹ́ràn kí èèyàn kọ ọ́ pérépéré: "ìfarapa kan tó mú kí òṣìṣẹ́ pa iṣẹ́ jẹ, nínú wákàtí iṣẹ́ 310,000". Ẹni tó bá ń ka ìwé rẹ á ṣírò rẹ̀ bí ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ ṣe ń ṣe é.

Tàkúntàkún

Ẹ̀yin àgbà, mo gbọ́ o, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́kọ́ ń yẹ ìwé wò kì í ṣe ẹnjiníà. Akọ̀wé ni. Yóò rí "ìfarapa kan" nínú ìwé tirẹ̀, yóò rí "òdo" nínú ìwé ẹlòmíràn, ó sì máa gbé tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ṣé ẹ fẹ́ kó pàdánù iṣẹ́ nítorí òótọ́ tí ẹnikẹ́ni kò béèrè?

Ìyá_Ààbò

Òdo ẹlòmíràn yẹn, wákàtí mélòó ló ní? Ohun tó yẹ ká máa béèrè nìyẹn. Mú sáìtì Ọmọ_Afárá fúnra rẹ̀. Tí a bá yọ wákàtí 20,000 péré nínú 310,000 rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé a ò ní bá ìfarapa kankan níbẹ̀, nítorí ẹyọ kan ló wà nínú gbogbo rẹ̀. Ṣé apá yẹn wá ní ààbò ju ìyókù lọ ni? Rárá. Ẹni tó ṣiṣẹ́ oṣù mẹ́ta pẹ̀lú èèyàn mẹ́wàá tó kọ òdo, òótọ́ ló kọ, ṣùgbọ́n òdo rẹ̀ kò tíì sọ fún mi bóyá ó mọ ààbò tàbí kò mọ̀ ọ́n.

Òdo lórí wákàtí tó pọ̀ gan-an tún máa ń mú mi béèrè nǹkan mìíràn. Ṣé wọ́n ń ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ ni, àbí ẹ̀rù ń bà wọ́n? Sáìtì tí ètò ààbò rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ máa ń ní ìwé tó kún fún àwọn ewu tí orí kó èèyàn yọ nínú wọn: irin tó já tí kò bá ẹnikẹ́ni, okùn kéréènì tí wọ́n rí i pé ó ti jẹ kí wọ́n tó fi gbé ẹrù. Tí ìwé yẹn bá ṣófo, mi ò ní gba òdo náà gbọ́.

Ọmọ mi, kí lẹ yí padà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìka yẹn? Ohun tí mo fẹ́ kà gan-an nìyẹn.

Ọmọ_Afárá

A fi okùn gígùn so ìsàlẹ̀ páìpù kọ̀ọ̀kan, kí àwọn èèyàn lè máa darí rẹ̀ láti òkèèrè láìfi ọwọ́ kàn án. A sì sàmì sí ilẹ̀ yí ihò ká, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kọjá àmì náà títí páìpù á fi jókòó. Páìlì tó kù lẹ́yìn ìgbà yẹn ju 40 lọ, kò sì sí ẹni tó ṣèṣe nídìí páìpù mọ́.

Ìyá_Ààbò

Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Má dárúkọ ẹni tó ṣèṣe, má sọ ohunkóhun tí wọ́n fi lè dá a mọ̀. Tí ọ̀rọ̀ náà bá wà ní kóòtù tàbí ilé-iṣẹ́ bá ní kí ẹ má sọ ọ́ síta, fi sílẹ̀ pátápátá.

Baba_Ìpìlẹ̀

Lórí ohun tí Tàkúntàkún sọ nípa akọ̀wé, mi ò ní jiyàn pé kò lè ṣẹlẹ̀. Mo mọ àwọn ẹnjiníà rere tí kì í kọ ìfarapa sínú ìwé, tí wọ́n máa ń kọ iye wákàtí àti ìlànà tí wọ́n gbé kalẹ̀ nìkan, tí wọ́n á wá sọ ìyókù nígbà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ìyẹn kì í ṣe irọ́. Èmi ní tèmi á kọ ọ́, torí ẹni tó máa gba èèyàn sí ipò àgbà máa ń fẹ́ mọ ohun tó ṣe lọ́jọ́ tí nǹkan bàjẹ́. Kálukú ló máa pinnu tirẹ̀. Ohun tí kò gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ ni kó kọ òdo nígbà tí ìwé sáìtì ní ọ̀kan nínú, nítorí ìpè fóònù kan sí sáìtì yẹn ti tó láti tú u fó.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí ìforúkọsílẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti ń rí àṣìṣe jù. Nọ́ńbà àti orúkọ ìgbìmọ̀ tó fún un ní ìwé àṣẹ á wà lókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú abala ìrírí, ọjọ́ ló ṣe pàtàkì. Oṣù karùn-ún 2019 gé iṣẹ́ yìí sí méjì. Ṣáájú rẹ̀, abẹ́ ẹnjiníà mìíràn tó ní ìwé àṣẹ ló ti ń ṣiṣẹ́, ẹni yẹn ló sì ń buwọ́ lu ìwé. Lẹ́yìn rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ lè buwọ́ lù ú, kó sì dáhùn fún un. Tó bá kọ gbogbo oṣù 20 lábẹ́ "ẹnjiníà tó forúkọ sílẹ̀", ó ti fi oṣù mẹ́wàá kún ohun tí kò tíì ní. Àwọn ibìkan wà tí òfin ti lè mú èèyàn lórí ìyẹn.

Ó tún yẹ kó hàn ibi tí ìwé àṣẹ náà ti ń ṣiṣẹ́ àti bóyá ó ṣì wà lójú ọ̀nà. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń fún ẹnjiníà ní ìwé àṣẹ tirẹ̀. Ẹni tó ní ti ìpínlẹ̀ kan kò lè tẹ òǹtẹ̀ sórí àwòrán iṣẹ́ ní òmíràn àyàfi tó bá gba tibẹ̀. Ẹni tó kàn kọ "mo ní ìwé àṣẹ" láìsọ ibi tó ti gbà á fi ìbéèrè sílẹ̀ fún ẹni tó ń kà á.

Wáyà_Gbígbóná

Ẹ gbà mí láàyè kí n bi yín ní tèmi. Ẹnjiníà iná mànàmáná ni mí, ọ́fíìsì ni mo wà, mò ń ya àwòrán ibùdó tí wọ́n ti ń pín iná oní kílófóòtì 132. Mi ò ní òṣìṣẹ́ lábẹ́ mi, mi ò ní wákàtí sáìtì. Ṣé kí n fi ọ̀rọ̀ ààbò sílẹ̀ ni?

Ìyá_Ààbò

Má fi sílẹ̀, ṣùgbọ́n má ya wákàtí àwọn tó kọ́ ibùdó náà lò. Mo ti rí ẹni tó ya àwòrán tó wá kọ wákàtí gbogbo sáìtì sínú ìwé tirẹ̀. Kọ ewu tí o fi àwòrán rẹ mú kúrò. Fún àpẹẹrẹ, ṣé o gbé ohun tí wọ́n máa ń tún ṣe déédéé síbi tí ẹni tó ń tún un ṣe kò ti ní sún mọ́ irin tí iná wà nínú rẹ̀? Ìyẹn ni ààbò tìrẹ.

Baba_Ìpìlẹ̀

Ní ti ìwọ̀n, kílófóòtì nìkan kò tó, Wáyà. Ibùdó kékeré àti ńlá lè jọ jẹ́ 132. Kọ iye tíráńsífọ́má, bí wọ́n ṣe tóbi tó, iye ìlà iná tó wọlé tó sì jáde, kí o sì sọ èyí tí ìwọ yà àti èyí tí o kàn yẹ̀ wò.

Ọmọ_Afárá

Mo ti tún tèmi kọ. Ẹ bá mi wò ó:

"Ẹnjiníà ìpìlẹ̀ àti òpó afárá, oṣù keje 2018 sí oṣù kejì 2020. Afárá oníkọnkéré lórí odò, mítà 330, àlàfo 11, lára iṣẹ́ títì kìlómítà 14. Apá tèmi: páìlì 76 (mítà kan ní fífẹ̀, mítà 22 ní jíjìn, 24 nínú omi) àti òpó 10, òṣìṣẹ́ bíi 60, mo ń jábọ̀ fún ọ̀gá ẹnjiníà sáìtì.

Títí di oṣù karùn-ún 2019, mo bójú tó páìlì 46 lábẹ́ ẹnjiníà tó ní ìwé àṣẹ. Láti ìgbà tí mo ti gba ìwé àṣẹ, èmi ni mo buwọ́ lu àbájáde ìdánwò páìlì 30 tó kù àti ètò dída kọnkéré sí òpó 10.

Ààbò: ìfarapa kan tó mú kí òṣìṣẹ́ pa iṣẹ́ jẹ, nínú wákàtí iṣẹ́ 310,000. Lẹ́yìn rẹ̀, mo gbé ìlànà kalẹ̀ pé okùn ni kí wọ́n máa fi darí páìpù, kí ẹnikẹ́ni má fi ọwọ́ kàn án. Kò tún ṣẹlẹ̀ mọ́ títí iṣẹ́ fi parí."

Baba_Ìpìlẹ̀

Ẹni tó bá ka èyí mọ ohun tó máa bi ọ́ léèrè. Gbólóhùn kan ló kù: "mo gbé ìlànà kalẹ̀". Ṣé ìwọ nìkan ni, àbí ìwọ àti ẹni ààbò sáìtì?

Ọmọ_Afárá

Àwa méjèèjì ni. Màá kọ "èmi àti ọ̀gá ààbò sáìtì".

Ìyá_Ààbò

Ọmọ mi, ìbéèrè kan tí mo gbàgbé. Ẹni tí ìka rẹ̀ fọ́ yẹn, ilé-iṣẹ́ yín ló gbà á ni, àbí àwọn agbàṣẹ́ṣe kéékèèké tó wà lábẹ́ yín?

Ọmọ_Afárá

Ti àwọn agbàṣẹ́ṣe páìlì ni. Àwọn 60 yẹn, ti wọn àti tiwa ló wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn awakọ̀ tó ń gbé kọnkéré wá kò sí nínú ìwé owó iṣẹ́ wa, mi ò sì lè rí wákàtí wọn níbì kankan.

Ìyá_Ààbò

Ó dára pé ti àwọn agbàṣẹ́ṣe páìlì wà nínú rẹ̀. Ká ní wákàtí tiyín nìkan lo kà ni, tí o wá ka ìfarapa ẹni tiwọn mọ́ ọn, nọ́ńbà náà ì bá burú ju bó ṣe yẹ lọ. Tí o bá sì yọ ìfarapa náà kúrò ṣùgbọ́n tí o ṣì ka wákàtí wọn mọ́ ọn, ì bá dára ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn tí o ka wákàtí wọn ni kí o ka ìfarapa wọn.

Ti àwọn awakọ̀ yẹn ni èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi kò tíì fohùn ṣọ̀kan lé lórí. Àwọn kan ní ẹni tó bá ti wọ ẹnu géètì, kí a kà á. Àwọn kan ní ẹni tó kàn já ẹrù sílẹ̀ tó sì padà lọ kì í ṣe ti sáìtì. Ní tìrẹ, fi "láìka àwọn tó ń kó kọnkéré wá" kún un.

Tàkúntàkún

Mo ṣì rò pé akọ̀wé yẹn máa gbé e sí ẹ̀gbẹ́. Ṣùgbọ́n Baba, màá yọ owó kúrò nínú tèmi, màá fi kìlómítà páìpù omi tí mo tẹ́ sí i. Ṣé kí n ka àwọn èyí tí a hú jáde tí a tún tẹ́ lẹ́ẹ̀kejì mọ́ ọn?

Baba_Ìpìlẹ̀

Má kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kọ gígùn èyí tó wà nínú ilẹ̀ lónìí.